Ojú owó ìsọ̀ mi dín láàárín oṣù kan: ṣé ọmọ tí ó ń bá mi tajà ni ó mú un?

Ìyá Ṣakirat (Ọ̀fà): Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìrẹsì, òróró, mílíìkì àti ṣúgà ni mo ń tà nítòsí ọjà Ọwọ́dé. Nígbà tí oṣù tí ó kọjá bẹ̀rẹ̀, mo ka ọjà ní iye tí mo rà á, mo ka owó inú àpótí mọ́ ọn, ó sì jẹ́ 850,000 náírà. Mo mọ èrè orí ẹrù kọ̀ọ̀kan, mo sì ń kọ gbogbo ohun tí a bá tà, nítorí náà ó dá mi lójú pé lẹ́yìn owó ìsọ̀, owó ọkọ̀ àti owó oṣù ọmọbìnrin tí ó ń bá mi tajà, èrè 80,000 ni ó yẹ kí ó wọlé. Nígbà tí mo tún kà á ní ìparí oṣù, 700,000 péré ni mo bá. 230,000 ti wọlẹ̀! Ọmọ yìí kì í wo ojú mi mọ́, ó sì ra bàtà tuntun. Báwo ni mo ṣe lè mú kí ó jẹ́wọ́?

Ìyá Aláṣọ Òkè (Ìlọrin): Ọ̀rọ̀ yín dùn mí dé egungun. Ẹni tí ó ń bá mi hunṣọ gbé òwú mi títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọn òwú fún un láràárọ̀. Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kíákíá.

Bàbá Akọ̀wé (Òmù-Àrán): Kí a tó pe ọmọ ọlọ́mọ ní olè, ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ̀yin fúnra yín mú nínú ìsọ̀ náà lóṣù yẹn?

Ìyá Ṣakirat: Bàbá, èmi ni mo ni ìsọ̀, ta ni mo fẹ́ jà lólè? 1,500 lójúmọ́ ni mo ń mú fún ọbẹ̀, ọjọ́ 26 ni a sì fi ṣí ìsọ̀. Mo san 95,000 owó ilé ìwé. Ìrẹsì kóńgò mẹ́wàá àti kẹ́ẹ̀gì òróró tí a jẹ nílé kò ju 50,000 lọ tí mo bá tà wọ́n. Ṣé a ń kọ ìyẹn náà ni?

Ọ̀gá Téló (Ìlọrin): Ẹ máa san owó oṣù fún ara yín, kí ẹ sì kọ ọ́ mọ́ ìnáwó ìsọ̀ bí ti ọmọ yẹn. Ohun tí èmi ń ṣe nìyẹn.

Bàbá Akọ̀wé: Ó dára kí ẹ yan iye kan pàtó tí ẹ ó máa mú, mo fara mọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kọ ọ́ mọ́ ìnáwó ìsọ̀. Ẹni tí ó dá ìsọ̀ ní kò lè gba ara rẹ̀ síṣẹ́. Tí ẹ bá yọ ọ́ kúrò nínú èrè, ẹ ó rò pé ọjà kò lérè, nígbà tí ó jẹ́ pé ilé ni ó jẹ èrè náà. Àwọn agbowó orí kì í sì í gbà á bí ìnáwó òwò. Ojú owó ni a ti ń yọ ọ́.

Ìyá Ṣakirat, ẹ fa ìlà sí ojú ewé ọ̀tọ̀, kí ẹ kọ sí òkè rẹ̀ pé "Ohun tí mo mú". Owó ọbẹ̀ jẹ́ 39,000, owó ilé ìwé jẹ́ 95,000. Ìrẹsì àti òróró kì í ṣe 50,000, nítorí pé ẹ kò tà á fún ẹnikẹ́ni, kò sì sí èrè lórí rẹ̀. Èló ni ẹ rà á?

Ìyá Ṣakirat: Ìrẹsì jẹ́ 24,000, òróró jẹ́ 18,000.

Bàbá Akọ̀wé: 42,000 ni ẹ ó kọ. Àpapọ̀ ti di 176,000. Ó ku 54,000 tí a kò mọ ibi tí ó wọ̀. Ṣé kò sí gbèsè tí ẹ ń san?

Ọ̀gá Téló: Mo ṣì rò pé owó oṣù ni ó rọrùn jù fún ẹni tí kò kàwé púpọ̀.

Ìyá Ṣakirat: Gbèsè kan wà. Mo yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa, 40,000 ni mo sì ń dá padà lóṣooṣù láti inú àpótí ìsọ̀. Gbèsè ìsọ̀ ni mo ń pè é.

Bàbá Akọ̀wé: Kí ni ẹ fi owó náà ṣe?

Ìyá Ṣakirat: Páànù ilé wa ni mo fi rà.

Bàbá Akọ̀wé: Ká ní ọjà ni ẹ fi rà, à bá ti rí ọjà náà nínú ìsọ̀, èlé orí rẹ̀ nìkan ni ì bá sì jẹ́ ìnáwó òwò. Owó tí kò wọ ìsọ̀ rárá ni ìsọ̀ ń san yìí. Gbogbo 40,000 náà jẹ́ ohun tí ẹ mú, ó sì di 216,000. Ẹ mú 850,000, ẹ fi èrè 80,000 kún un, ẹ yọ 216,000 kúrò: 714,000 ni ó yẹ kí ẹ bá. 700,000 ni ẹ bá. 14,000 ni ọ̀rọ̀ kù sí, kì í ṣe 230,000.

Ìyá Aláṣọ Òkè: 14,000 náà, owó ni o! Ẹ má jẹ́ kí ó lọ bẹ́ẹ̀.

Bàbá Akọ̀wé: Òótọ́ ni. Ẹ wo ìwé àwìn yín, nítorí pé ọjà tí a gbé lọ ní àwìn kò sí lórí pẹpẹ, owó rẹ̀ kò sì tíì sí nínú àpótí.

Ìyá Ṣakirat: Tíṣà kan jẹ mí ní 9,000. N kò kà á mọ́ ọn. Ó ku 5,000 tí n kò mọ̀, ó lè jẹ́ òróró tí ó dà sílẹ̀, ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi: láti ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo ti dá ọmọ náà padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, n kò sì san owó oṣù rẹ̀.

Ìyá Aláṣọ Òkè: Háà! Ẹ̀yin tí ẹ ti yọ owó oṣù yẹn nínú èrè! Ó yẹ kí owó náà ṣì wà nínú àpótí yín.

Bàbá Akọ̀wé: Ìyá Aláṣọ Òkè, ẹ ṣeun, n kò rí ìyẹn. Èló ni owó oṣù rẹ̀?

Ìyá Ṣakirat: 25,000. Mo yọ ọ́ kúrò nínú àpótí kí n tó ka owó, inú àpamọ́wọ́ mi ni ó wà. Mo ń lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la.