Àbọ̀ ọ̀rọ̀ áàpù wa: Flutter la mú, Kotlin náà sì wọ̀ ọ́

Ìbéèrè mi: «Àwa méjì là ń kọ áàpù tó ń tọpa ọkọ̀ akẹ́rù, owó ò sì pọ̀. Ṣé ká kọ ti Android àti iOS lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni àbí ká lo Flutter?»

Ẹ ṣé gan-an fún èsì yín. Flutter la mú. Lọ́gíìnì, lísìtì ẹrù, fọ́ọ̀mù, gbogbo ẹ̀ la kọ lẹ́ẹ̀kan tó sì ń ṣiṣẹ́ lórí méjèèjì, ibẹ̀ lowó ti dúró sí wa lọ́wọ́.

Ẹni tó ní a ò ní fọwọ́ kan Kotlin rárá, ìdajì ọ̀rọ̀ ẹ̀ ló jóòótọ́, torí tí awakọ̀ bá ti pa ojú fóònù fúngbà díẹ̀, áàpù ò ní mọ ibi tó wà mọ́, lórí máàpù ẹ máa rí i tí ìlà kàn fò gba orí ilé kọjá. Ìmọ̀ràn tó yanjú ẹ̀ ni pé ká kọ apá yẹn nìkan lọ́tọ̀: lórí Android, ní Kotlin, sáfíìsì tó pe `startForeground()` tí nótífíkéṣọ̀n ẹ̀ sì ń hàn, lórí iOS, ní Swift, `allowsBackgroundLocationUpdates`, ká wá fi `MethodChannel` so wọ́n mọ́ Flutter. Kóòdù yẹn ò pọ̀ rárá.



`flutter build apk --split-per-abi` dín ìwọ̀n fáìlì kù, àmọ́ ó ṣì tóbi ju bí mo ṣe fẹ́ lọ.

Èyí tó kù ni àwọn fóònù Android kan tí ètò tó ń ṣọ́ bátìrì wọn ṣì ń pa sáfíìsì náà. Fún ìsinsìnyí, awakọ̀ fúnra ẹ̀ ló ń lọ yọ áàpù wa kúrò lábẹ́ ètò bátìrì yẹn ní sẹ́tíìnsì.