Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní NSE, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà Nàìjíríà, kọmítì wo ló ṣe yín láǹfààní?

Àdùkẹ́ Síbùú: Kọmítì tẹ́kíníkà ni mo wà ní bráǹṣì wa, iṣẹ́ mi ni kí n máa wá ẹni tó máa wá sọ̀rọ̀ nípàdé olóṣooṣù. Ẹ wò ó, tí mo bá kàn pe àgbà ẹnjiníà pé mò ń wá iṣẹ́, kò ní gbé fóònù, àmọ́ tí mo bá ní bráǹṣì fẹ́ kẹ́ ẹ wá sọ̀rọ̀ lórí ìpìlẹ̀ ilé nílẹ̀ àbàtà, á béèrè ohun tá a fẹ́ gbọ́ gan-an, a ó sì jọ sọ ọ́ pẹ́. Lẹ́yìn ìpàdé mo máa ń kọ kókó ọ̀rọ̀ wọn sójú ìwé kan, màá fi ránṣẹ́ kí wọ́n tún un ṣe. Nígbà tí mo fẹ́ di kọ́pórétì mẹ́ńbà, tí mo nílò àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó mọ iṣẹ́ mi láti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, ọ̀kan nínú àwọn tó wá sọ̀rọ̀ yẹn ni mo lọ bá, kò tiẹ̀ bi mí pé ta ni mí.

Bàbá Wúrà: Ẹ dupò ni o! Akọ̀wé bráǹṣì ni gbogbo ayé ń mọ̀.

Àdùkẹ́ Síbùú: Òótọ́ ni sà, wọ́n á mọ orúkọ yín, àmọ́ lẹ́tà àti mínútì ló ń jẹ àsìkò akọ̀wé, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ rí iṣẹ́ ẹnjiníà ọwọ́ rẹ̀.

Káyọ̀dé: Ẹ jọ̀ọ́, mo ti san dúùsì, kí ló dé tí nọ́ńbà COREN mi ò tíì jáde?

Bàbá Wúrà: Ọmọ mi, ìyẹn yàtọ̀. Ẹgbẹ́ ni NSE, láti 1958 ló ti wà, COREN ni òfin gbé kalẹ̀ láti forúkọ ẹnjiníà sílẹ̀. Ọ̀hún ni kó o lọ bi.

Mọ́rẹ̀nikẹ́: Èmi, ibi báàgì àti oúnjẹ ni wọ́n fi mí sí ní kọ́nfáránsì, mi ò gbọ́ pépà kankan títí a fi parí.

Àdùkẹ́ Síbùú: Àǹtí mi, ràpọ́tọ̀ ni kẹ́ ẹ béèrè fún lọ́jọ́ míì. Inú gbọ̀ngàn lẹ máa jókòó sí, ẹ máa kọ ìbéèrè àti ìdáhùn sílẹ̀, àwọn tó ka pépà fúnra wọn á máa wá bá yín kí wọ́n lè rí i pé ẹ ò ṣì wọ́n gbọ́, lálẹ́ ẹ tún máa jókòó ti àwọn tó ń kọ kọmíníkè. Ó máa ń rẹ̀ èèyàn o, ẹ ò sì lè yan gbọ̀ngàn tó wù yín. Kẹ́ ẹ tó gba kọmítì èyíkéyìí, ẹ ní kí wọ́n fi mínútì ìpàdé tó kẹ́yìn hàn yín. Tí wọn ò bá rí i mú jáde, orúkọ lásán ni kọmítì yẹn.

Mọ́rẹ̀nikẹ́: Ẹ ṣé o. Àbí ràpọ́tọ̀ náà máa ń sanwó kọ́nfáránsì?

Bàbá Wúrà: Ó yẹ kó san, ẹgbẹ́ ò lówó.

Àdùkẹ́ Síbùú: Sà, mi ò gbà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀ títí dalẹ́!