Bẹ́líìtì mú un, síbẹ̀ gìgísẹ̀ rẹ̀ gúnlẹ̀: ẹ sọ tiyín

Pẹ́ńtà Arówómọ́lé
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Ilé alájà kan là ń kùn ní apá Àpàkẹ, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Pákó sikafóò tí a dúró lé ga ní mítà 4 sílẹ̀, mo fi tépù wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ọmọkùnrin tó wà lápá ọ̀tún mi wọ bẹ́líìtì tó gba èjìká àti itan. Tuntun ni, okùn rẹ̀ jẹ́ mítà 1.8, ṣọ́ọ̀kù, àpò kékeré tó máa ń ya láti dín agbára ìjábọ́ kù, sì wà lára rẹ̀. Bó ṣe nàgà sí igun fèrèsé báyìí, pákó yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Bẹ́líìtì ò já, ìkọ́ ò ṣí, páìpù ò tẹ̀. Síbẹ̀, gìgísẹ̀ ló fi gúnlẹ̀, ọ̀kan sì fọ́. Ọ̀gá wa ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ rí sí i?

Bírìkìlà Òkè Ẹlẹ́rìn
Ayédèrú ni, kí ló tún kù! Bẹ́líìtì tó bá dáa kì í jẹ́ kéèyàn dé ilẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ara páìpù ìfọwọ́rọ̀ la máa ń fi ìkọ́ há, okùn wa sì gùn dáadáa kéèyàn lè rìn dé ibi tó bá fẹ́.

Àgbà Sikafóò
Ẹ rọra ná. Pẹ́ńtà, ìbéèrè méjì ni mo ní. Ibo ló fi ìkọ́ há? Ṣọ́ọ̀kù yẹn, báwo ló ṣe ya tó?

Pẹ́ńtà Arówómọ́lé
Ara páìpù ìsàlẹ̀ ni, èyí tí pákó sùn lé, lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kù ya, àmọ́ kò ya tán. Èyí tó tú jáde tó ìdajì mítà, ìyókù ṣì wà ní kíká nínú àpò rẹ̀.

Àgbà Sikafóò
Bẹ́líìtì náà ò ṣẹ̀ nìyẹn. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Òrùka tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tí okùn ti bẹ̀rẹ̀, ga ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ ní bíi mítà 1.4. Nígbà tó jẹ́ pé ìkọ́ wà lẹ́bàá ẹsẹ̀, òrùka yẹn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ já bọ́ mítà 1.4 kó tó dé ọ̀gangan ìkọ́, lẹ́yìn náà ni yóò tún já bọ́ mítà 1.8 kí okùn tó le. Mítà 3.2 nìyẹn, kò sì tíì sí nǹkan kan tó dì í mú. Ìgbà tí okùn le tán ni bẹ́líìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ fún mọ́ ọn lára, tí òrùka sún gòkè lẹ́yìn rẹ̀. Ka ìyẹn sí mítà 0.3. Ó ti di 3.5. Mítà 0.5 péré ló kù sílẹ̀, ìdajì mítà náà sì ni ṣọ́ọ̀kù ya. Ilẹ̀ ló bá a parí iṣẹ́ tó kù. Ṣọ́ọ̀kù ti dín eré rẹ̀ kù díẹ̀, òun ló jẹ́ kó jẹ́ gìgísẹ̀ nìkan ló fọ́.

Ká ní ayédèrú ni, okùn ì bá já, tàbí kí ṣọ́ọ̀kù má ya rárá.

Ọmọ Ẹlẹ́mu
Ẹ má bínú sí mi o. Igbà ni bàbá mi fi gun ọ̀pẹ títí ó fi darúgbó, lọ́nà Ìkòyí-Ilé. Kò sí ṣọ́ọ̀kù, kò sí òrùka, kò sì já bọ́ rí. Ṣé kì í ṣe pé ẹ̀yin ẹ ń fi owó ra wàhálà?

Àgbà Sikafóò
Àbúrò, iṣẹ́ igbà yàtọ̀. Bàbá fara ti igbà, ó le mọ́ ọn lẹ́yìn ní gbogbo ìgbà, kò sí àyè tí yóò já bọ́ sí. Bẹ́líìtì tiwa ń dúró de ẹni tó ti ń já bọ́ ni. Ẹni tó bá já bọ́ mítà méjì tí okùn lásán sì gbá a mú lójijì, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ lè lọ sí i. Nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe ń fi ṣọ́ọ̀kù sí i: ó ń ya díẹ̀díẹ̀ kí agbára ìgbámú náà má baà ju ohun tí ara lè gbà lọ.

Pẹ́ńtà Arówómọ́lé
Ẹ̀gbọ́n, ká ní òkè orí ló fi í há ńkọ́?

Àgbà Sikafóò
Fi sí mítà 2 lókè pákó. Òrùka ẹ̀yìn rẹ̀ ti wà ní mítà 0.6 sí ìkọ́, nítorí náà mítà 1.2 ni yóò já bọ́ kí okùn tó le. Fi 0.3 ti bẹ́líìtì kún un, kó o wá gbà pé ṣọ́ọ̀kù ya dé òpin, ìyẹn bíi mítà 1.2 lára irú èyí. Mítà 2.7 ni gbogbo rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò ṣì fi mítà 1.3 jìnnà sílẹ̀. Okùn kan náà, bẹ́líìtì kan náà o.

Bírìkìlà, okùn gígùn tí ẹ̀ ń yìn yẹn, gbogbo ohun tó bá fi gùn sí i ló ń fi kún ìjábọ́.

Bírìkìlà Òkè Ẹlẹ́rìn
Mo gbọ́ ti okùn. Àmọ́ páìpù ìfọwọ́rọ̀ ńkọ́? Kò tíì já mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lọ́dọ̀ wa.

Àgbà Sikafóò
Ṣé ẹnì kankan ti já bọ́ lórí rẹ̀ rí? Nǹkan tó ń dá ẹni tó fara tì í dúró ni páìpù yẹn. Kílíìpù tó mú un lè yọ̀ lára òpó nígbà tí agbára bá dé bá a. Sikafóò tí wọn ò sì dè mọ́ ara ilé, gbogbo rẹ̀ lè tẹ̀ lé ẹni tó bọ́. Èmi, ara bíìmù kọnkéré tó ti gan, lókè orí, ni mo máa ń fi okùn bẹ́líìtì pẹlẹbẹ yí ká, kí n tó fi ìkọ́ há a. Tí kò bá sí bíìmù, òpó ìdúró, ní ìdí ibi tí páìpù ìdábùú ti pàdé rẹ̀, lára sikafóò tí wọ́n ti dè mọ́ ilé.

Àǹtí Sáfẹ́tì
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi ti òpó yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, wọn kì í gbà kí a fi í há ara sikafóò rárá, àfi tí ẹni tó ṣe é bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó lè gbà á.

Àgbà Sikafóò
Àǹtí, ilé alájà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ là ń sọ. Ta ni yóò kọ ìwé?

Àǹtí Sáfẹ́tì
Ẹni tó bá gbowó sikafóò ni. Ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀.

Pẹ́ńtà, ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì ẹ̀yin akunlé ló ká mi lára. Ọ̀dà máa ń bo okùn, kò ní jẹ́ kí ẹ rí bóyá ó ti gé. Tíńà tí wọ́n fi ń fọ ọ̀dà náà sì lè ba ọ̀rá inú okùn jẹ́. Kí ẹ tó wọ̀ ọ́ láàárọ̀, ẹ mú okùn náà ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó rí róbótó lókè. Ibi tó bá gé tàbí tó bá ti jó yóò là síta. Ẹ tún wo òwú ìránṣọ nítòsí òrùka ẹ̀yìn: wọ́n máa ń ká ibì kan pọ̀ níbẹ̀ tí wọ́n á fi òwú rán mọ́lẹ̀. Tó bá ti tú, ẹnì kan ti já bọ́ nínú rẹ̀ rí. Ohun tí mo fi mọ irú èyí tí wọ́n ń tà ní òkìríkà nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ẹnu ìkọ́, kí ẹ fi í sílẹ̀. Kó padà fúnra rẹ̀, kó sì há.

Pẹ́ńtà Arówómọ́lé
Ọ̀gá wa ti ní kí a fọ èyí tó já bọ́ yẹn, kí a tún ṣọ́ọ̀kù rẹ̀ ká padà, kí a fi téèpù dì í.

Àǹtí Sáfẹ́tì
Ṣọ́ọ̀kù tó ti ya kì í tún ya lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ fi ọ̀bẹ gé okùn itan bẹ́líìtì náà, kí ẹnikẹ́ni má baà tún wọ̀ ọ́ ní sáìtì lọ́la.

Bírìkìlà Òkè Ẹlẹ́rìn
Ọ̀kan ṣì kù. Pákó tiwa ní Tákíé kò ga ju mítà 2 lọ. Ká fi há òkè orí náà?

Àgbà Sikafóò
Ẹ ti rí i pé mítà 2.7 ló ń gbà. Ilẹ̀ yóò ti gbà yín kí okùn náà tó parí iṣẹ́. Níbẹ̀, ẹ tẹ́ pákó kún dáadáa, ẹ sì fi páìpù ìfọwọ́rọ̀ sí òkè àti àárín, kí ẹ má ráyè já bọ́ rárá.

Bírìkìlà Òkè Ẹlẹ́rìn
Ẹni tó ni ilé ní pákó mẹ́ta péré lòun máa sanwó fún.