Pòtásíọ́mù ìyá mi ga: ṣé ti ara ni, àbí ti ẹ̀jẹ̀ tó pẹ́ lọ́nà?

Ẹ kú ilé o. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ìyá mi l'Ọ́fà láàárọ̀ àná, ọ̀sán ló tó dé láàbù n'Ílọrin. Àbúrò mi ya èsì náà ní fọ́tò sí mi. Sódíọ́mù jẹ́ 133, wọ́n kọ L sí i torí pé láti 135 ni ìwọ̀n ti bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ò dẹ́rù bà mí. K, ìyẹn pòtásíọ́mù, ló ń já mi láyà: 6.2 mmol/L, H wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, 3.5 sí 5.1 sì ni ìwọ̀n.

Mo mọ̀ pé bí ẹ̀jẹ̀ bá pẹ́ nínú ìgò tàbí tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ fọ́, pòtásíọ́mù inú sẹ́ẹ̀lì á tú síta, iye náà á sì ga lásán. Ìsàlẹ̀ ìwé, níbi tí láàbù ti máa ń kọ irú àkíyèsí bẹ́ẹ̀, ò sí nínú fọ́tò. Ṣùgbọ́n màmá ń lo lisinópíríìlì fún ẹ̀jẹ̀ ríru, òun náà lè gbé e ga lóòótọ́, irú iye yìí sì lè da ìlù ọkàn rú láìsí àmì kankan.

Ó ń ṣe mí bíi kí n gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lálẹ́ yìí, kí wọ́n yẹ ọkàn wọn wò, kí wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ mìíràn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa láàbù, àbí ó lè dúró di àárọ̀?