Prísẹ́ẹ̀tì kan fún fọ́tò Abẹ́òkúta: ti orí òkè dára, ti ọjà bàjẹ́

Àbẹ̀kẹ́
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ sí Abẹ́òkúta ní Sátidé. A gun Òkè Olúmọ lọ́sàn-án, a wọ ọjà aládìrẹ ní Ìtòkú, nígbà tó di alẹ́ a jẹ ọ̀fadà lábẹ́ gílóòbù kan báyìí. Fọ́tò 62, fóònù mi ni mo fi ya gbogbo rẹ̀. Mo tún ọ̀kan tí mo yà lórí òkè ṣe nínú Lightroom, mo fi pamọ́ bíi prísẹ́ẹ̀tì, mo sì lò ó fún ìyókù. Ti orí òkè dára. Ti ọjà, ojú ẹ̀gbọ́n mi rí bíi ti ẹni tí òtútù mú. Ti alẹ́ wá pọ́n bí epo. Kí ni mo ṣì ṣe?

Dúró Dáadáa
Ó ti pọ̀ jù ni. Fa Amount prísẹ́ẹ̀tì náà sí 50, wàhálà tán. Bí mo ṣe ń ṣe fọ́tò ìgbéyàwó nìyẹn.

Bàbá Lẹ́ǹsì
Dúró, tí o bá fà á sí 50, ìdajì àìsàn náà ṣì wà níbẹ̀, ẹwà tó wà lára ti orí òkè á sì dín kù pẹ̀lú. Àbẹ̀kẹ́, nígbà tí o ń fi pamọ́, kí lo fi àmì sí?

Àbẹ̀kẹ́
Gbogbo ẹ̀ ni, sà. Mo rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Bàbá Lẹ́ǹsì
Ibẹ̀ ló ti bàjẹ́. Prísẹ́ẹ̀tì kì í fi kún ohun tó wà lára fọ́tò, ńṣe ló ń pa iye tó bá níbẹ̀ rẹ́, tó sì kọ tirẹ̀ síbẹ̀. Ká ní o ti gbé Exposure fọ́tò ọjà sí +1.10 torí pé abẹ́ ìsọ̀ ṣókùnkùn, tí prísẹ́ẹ̀tì rẹ sì ní +0.20 ti orí òkè, +0.20 ni yóò padà sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Temp, tó ń fa àwọ̀ fọ́tò sí búlúù tàbí sí pípọ́n. Oòrùn ọ̀sán, ibòji àti gílóòbù, àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ wọn kò dọ́gba, iye kan ò lè bá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu.

Tún un ṣe báyìí. Mú fọ́tò kan tí ojú èèyàn hàn nínú rẹ̀, tí oòrùn ò sì le jù. Tọ́ Temp, Tint àti Exposure rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni kó o ṣe ohun tó máa so gbogbo wọn pọ̀: Highlights -30, Shadows +20, kó o wọ Color Mix, dín Saturation ti Green kù sí -25 torí pé ewé ibẹ̀ máa ń pariwo, gbé Luminance ti Orange sí +8 kí awọ ara lè mọ́lẹ̀ díẹ̀. Nígbà tó o bá dé Create Preset, yọ àmì kúrò lára Exposure àti White Balance, tí Temp àti Tint wà nínú rẹ̀. Kó o tó wá lo prísẹ́ẹ̀tì náà, fi nǹkan ìtọ́ka White Balance tẹ ohun funfun kan nínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan, kó o sì tọ́ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀.

Ọmọ Kámẹ́rà
Tèmi, 5200 ni mo máa ń fi Temp sí, kò tíì já mi kulẹ̀ rí.

Bàbá Lẹ́ǹsì
Fáìlì ráwù lò ń yà nìyẹn, àbúrò. JPEG ni ti Àbẹ̀kẹ́, láti -100 dé +100 ni Temp tiẹ̀ ń lọ. Kò ní rí 5200 kankan níbẹ̀.

Ìyá Aládìrẹ
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan Blue o! Oníbàárà kan rí aṣọ mi lórí fóònù, àwọ̀ òkun ló rí. Nígbà tó dé, aró dúdú ló bá. Ó ní mo pa òun lẹ́kún.

Dúró Dáadáa
Ojú ọ̀run Olúmọ wá ńkọ́? Blue kan náà ló wà lára ìyẹn, ó sì ń le jù.

Bàbá Lẹ́ǹsì
Òótọ́ lẹ sọ, ìyá. Ti ọ̀run yẹn, mi ò ní fi sínú prísẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan máa ń dín in kù, wọ́n á sì dá a padà lára fọ́tò aṣọ nìkan. Ìyẹn gba sùúrù, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́
Mo ti ṣe é, sà. Mo tò wọ́n kéékèèké sójú kan náà, 58 jọra, ọ̀fadà ti padà di ọ̀fadà. Mẹ́rin láti ọjà ló kọ̀: wọ́n fi rọ́bà búlúù bo ìsọ̀ náà, wọ́n tún tan iná sínú. Ìdajì ojú búlúù, ìdajì pupa.

Bàbá Lẹ́ǹsì
Ìmọ́lẹ̀ méjì ló pàdé lójú rẹ̀. Tí o bá tọ́ ọ̀kan, èkejì á bàjẹ́ sí i, prísẹ́ẹ̀tì ò lè yà wọ́n. Sọ mẹ́rin yẹn di dúdú àti funfun, tàbí kó o yọ wọ́n kúrò.

Àbẹ̀kẹ́
Ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀kan nínú mẹ́rin yẹn gan-an lòun fẹ́ fi ṣe ojú WhatsApp, torí adìrẹ tó dì mọ́ra. Aláwọ̀ ló sì fẹ́.