Kòkòrò nínú ẹ̀wà àti ọ̀rinrin nínú èlùbọ́: kí la lè ṣe láìfi oògùn sí i?

Ìyá Ìbejì (Mánísẹ́tà): Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ra ẹ̀wà olóyin kílò 10 àti èlùbọ́ kílò 5, àpò ìrẹsì kílò 20 sì wà nílẹ̀. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, kòkòrò ti ń rìn lábẹ́ ìdérí ike ẹ̀wà. Mi ò fẹ́ fi oògùn kankan sí i, àwọn ọmọ ló ń jẹ ẹ́. Ilé yìí tún máa ń ní ọ̀rinrin gan-an. Ẹ gbà mí o.

Bọ̀dá Lékan (Hyúsítìn): Ẹ fi ata gbígbẹ bíi mẹ́wàá sínú ike náà, kí ẹ sì ju ewé béélíìfù mẹ́rin lé e. Kòkòrò ò fẹ́ òórùn wọn. Ohun tí a bá lọ́wọ́ àwọn ìyá wa nìyẹn.

Àǹtí Ṣadé (Lọ́ńdọ̀nù): Bọ̀dá, òórùn lè dí èyí tó fẹ́ wọlé láti ìta lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n inú ẹ̀wà gan-an ni èyí ti ń yọ. Ìyá Ìbejì, ẹ mú ẹ̀wà bíi ogún hóró, ẹ gbé e sábẹ́ iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ ó rí ẹyin tó lẹ̀ mọ́ èèpo rẹ̀, kò tó orí abẹ́rẹ́. Èyí tó bá ń dán bí omi kò tíì pa. Èyí tó bá ti funfun, ọmọ rẹ̀ ti gbẹ́ ihò wọnú ẹ̀wà, ìyẹ̀fun tó ń gbẹ́ sẹ́yìn ló kún èèpo ẹyin náà. Tí ẹ bá wá rí ojú róbótó kan tó ṣú bíi fèrèsé, kòkòrò ti dàgbà tán níbẹ̀, ó kù kó ti ìdérí yẹn jáde. Ata tó wà lókè ike ò lè kan ìyẹn.

Ó bá ẹ̀wà wá láti ọjà ni, ilé yín kọ́ ló ti wọ̀ ọ́. Níbi tí ooru wà, bí oṣù kan ni láti ẹyin dé yíyọ. Níbi tó bá tutù, ó máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí ẹ̀wà tó mọ́ lójú lọ́jọ́ tí ẹ rà á fi wá dá ihò sí yín lọ́wọ́.

Délé (Líìdì): Ẹ̀wà tèmi máa ń lo oṣù méjì nínú fíríṣà, kòkòrò kan kì í dé ibẹ̀. Inú ike kéékèèké ni mo ń bù ú sí lẹ́yìn tí mo bá sè é tán.

Àǹtí Ṣadé (Lọ́ńdọ̀nù): Délé, gbígbẹ là ń sọ o, o ti lọ sídìí ìkòkò 😄. Àmọ́ fíríṣà náà ni ìdáhùn. Ìyá Ìbejì, ẹ fi asẹ́ gbọn kòkòrò àti ìyẹ̀fun wọn kúrò. Ẹ pín ẹ̀wà sí ọ̀rá kílò méjì-méjì, ẹ tẹ afẹ́fẹ́ jáde, ẹ dì í pa, kí ẹ sì tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ kó má nípọn ju ìka mẹ́ta lọ. Ọjọ́ méje ní -18 dígírì Sẹ́síọ́ọ̀sì. Àwọn kan máa ń sọ pé ọjọ́ mẹ́rin tó, ṣùgbọ́n fíríṣà ilé tí ọmọdé ń ṣí ní gbogbo ìgbà kì í dúró lójú kan. Ìdí tí a fi ń pín in ni pé ẹ̀wà máa ń fi ara rẹ̀ bora bí aṣọ òtútù. Tí ẹ bá ti kílò 10 bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, etí rẹ̀ á le gbagidi nígbà tí àárín ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Túndé (Bámíńgámù): Mo fi ìrẹsì ṣe bẹ́ẹ̀. Kòkòrò kú lóòótọ́, àmọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ìrẹsì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí aṣọ tí kò gbẹ, ó sì lẹ̀ mọ́ra. Fíríṣà ò dáa fún ìrẹsì.

Àǹtí Ṣadé (Lọ́ńdọ̀nù): Ìgbà wo lo ṣí ọ̀rá náà?

Túndé (Bámíńgámù): Bí mo ṣe gbé e jáde báyìí ni mo dà á sínú ike.

Àǹtí Ṣadé (Lọ́ńdọ̀nù): Ibẹ̀ ló ti bàjẹ́. Wo bí ìgò tó tutù ṣe máa ń làágùn lórí tábìlì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìrẹsì tútù ṣe làágùn nígbà tí afẹ́fẹ́ ilé ìdáná kàn án, ìwọ sì dé omi yẹn mọ́ ọn nínú ike. Fi ọ̀rá náà sílẹ̀ ní dídì látàárọ̀ dọjọ́ kejì. Ìta ọ̀rá á tutù, wàá nù ún gbẹ, inú á gbẹ fúrúfúrú. Ìgbà tí kò bá tutù lọ́wọ́ mọ́ ni kó o ṣí i. Fúláwà tó wà nínú páálí ìwé náà, kó o kọ́kọ́ fi ọ̀rá dì í kó tó wọ fíríṣà, torí ìwé máa ń mu omi.

Bàbá Fẹ́mi (Lọ́ńdọ̀nù): Kí ẹ tó dé ohunkóhun pa, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó gbẹ. Ẹ wá ìgò onígíláàsì tó gbẹ, ẹ bu ẹ̀wà tàbí ìrẹsì tó kún ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ sí i, ẹ fi iyọ̀ gbígbẹ ṣíbí méjì lé e, ẹ dé e, ẹ gbọ̀n ọ́n fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi tó wà nínú rẹ̀ ti ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, kò tíì yẹ fún dídé. Iyọ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ o. Èyí tó ti mu omi nínú ilé ìdáná á parọ́ fún yín.

Ìyá Ìbejì (Mánísẹ́tà): Ẹ ṣé gan-an. Àmọ́ fíríṣà mi kéré, kílò mẹ́rin ló lè gbà lẹ́ẹ̀kan, ẹran sì wà níbẹ̀.

Àǹtí Ṣadé (Lọ́ńdọ̀nù): Ó tó. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ̀wà kílò mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ kejì, mẹ́rin mìíràn. Ọ̀sẹ̀ kẹta, méjì tó kù, pẹ̀lú èlùbọ́ kílò méjì. Ẹ̀wà tó ń dúró de ààyè, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò ike tó gbẹ, ẹ gbọ̀n ọ́n kó dì, kí ẹ kún un dé ọrùn, ẹ wá dé e pinpin. Kòkòrò á mí afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó kù tán, kò ní lè jẹun mọ́. Nílé wọ́n ń ta àpò onípele mẹ́ta tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ẹ̀wà. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni ìgò tó kún dé ìdajì, afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ tó wọn láti gbáyé. Bí ẹ bá ti ń bù ú jẹ, ẹ máa gbé e sínú ìgò tó kéré sí i.

Bọ̀dá Lékan (Hyúsítìn): Èmi ò nílò fíríṣà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo ń sá ẹ̀wà sórí ọ̀rá dúdú, mo sì fi ọ̀rá funfun tó mọ́ gaara bò ó.

Bàbá Fẹ́mi (Lọ́ńdọ̀nù): Ó dáa, tó bá tinrin, tí ẹ sì fi òkúta tẹ etí ọ̀rá mọ́lẹ̀ kí ooru má sá. Tí inú rẹ̀ bá dé 57 dígírì Sẹ́síọ́ọ̀sì fún wákàtí kan, tẹyintọmọ ló ń kú. Ẹ ki tẹmómítà bọ àárín ẹ̀wà, ẹ má fojú díwọ̀n. Oòrùn Mánísẹ́tà ò lè ṣe é, kí Ìyá Ìbejì má dán an wò.

Ìyá Ìbejì (Mánísẹ́tà): Èlùbọ́ ńkọ́? Ẹnìkan ní fíríṣà máa ń jẹ́ kí àmàlà má fà.

Túndé (Bámíńgámù): Òótọ́ ni, tèmi ò fà.

Àǹtí Ṣadé (Lọ́ńdọ̀nù): Tèmi ń fà. Túndé, bóyá ìyẹn náà làágùn ni. Ẹ fi kílò kan dán an wò ná. Èyí tó bá ti ní àmì tó hu bí òwú, tó sì ń rùn, ẹ dà á nù. Yíyan tàbí sísá kì í mú májèlé olú kúrò. Èyí tó dáa, ẹ má gbé e sí ara ògiri ìta tàbí ẹ̀gbẹ́ kẹ́tùlù. Ògiri yẹn máa ń tutù nígbà òtútù, ara ike á làágùn. Ẹ gbé e lé pákó, kó jìnnà sí ògiri bí àtẹ́lẹwọ́ kan.

Ìyá Ìbejì (Mánísẹ́tà): Ẹ̀gbẹ́ kẹ́tùlù gan-an ló wà o. Mo ń gbé e kúrò báyìí.