Òpó ni, àbí ìgbéró?

Olùtumọ̀: Mo pe igi tó ń gbé dẹ́kìn dúró ní “òpó-ìgbà-díẹ̀”, mo sì pe títú gbogbo rẹ̀ ní “ìtúpátákó”. Ṣé ó bá èdè mu? Ọjọ́ mélòó ni kí n kọ síbẹ̀ pé kí wọ́n dúró kí wọ́n tó tú u?

Olùkọ́ Àgbà: Òpó kì í ṣe ohun ìgbà díẹ̀. Bí òpó bá yẹ̀, ilé wó nìyẹn. “Ìgbéró” ni kí ẹ kọ, kí ẹ sì fi àmì òkè sórí “ró”, nítorí “ró” inú nàró ni. Ẹni tó bá kọ “ìgbérò” ti sọ igi di èrò.

Káfíńtà: Ẹ ṣeun, sà. “Ìtúpátákó” ló bí mi nínú jù, torí ó da iṣẹ́ méjì pọ̀. Pẹ̀lú sìmẹ́ńtì lásán, níbi tí ooru kò bá ti rẹlẹ̀ ju ìwọ̀n 16 lọ, pátákó abẹ́ dẹ́kìn lè kúrò lẹ́yìn ọjọ́ 4, ṣùgbọ́n igi á dúró di ọjọ́ 10. Ti abẹ́ bíìmù á dúró di 14. Nítorí náà, ìgbà tí a bá ń kan pátákó la ti ń ṣètò bí yóò ṣe já láìfọwọ́ kan igi.

Mo rí yàrá kan tó fẹ̀ tó mítà 4. Dẹ́kìn rẹ̀ nípọn tó mílímítà 150, ìyẹn bíi kílò 360 lórí mítà kan níbùú lóòró. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n yọ igi gbogbo kí pátákó lè bọ́, wọ́n tún tì wọ́n padà. Kọnkéré ti tẹ̀ kí igi tó padà. Ó sán tín-ín-rín bí irun nísàlẹ̀, ní àárín gbùngbùn. Igi tó padà kò gbé ẹrù àtijọ́ yẹn mọ́.

Ọmọ Bíríkìlà: Ọjọ́ 28 ni! Bàbá mi kì í yọ igi ṣáájú rẹ̀.

Káfíńtà: Agbára ọjọ́ 28 ni ẹ̀ńjíníà fi ń ṣírò. Lọ́jọ́ keje, bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí bàbá yín bá ń da àjà mìíràn sókè, òótọ́ ni kí igi ìsàlẹ̀ dúró.

Ìyá Ìbejì: Báńkónì tèmi ńkọ́? Igi ẹ̀bá ògiri ni wọ́n kọ́kọ́ yọ, ó sì sán nísàlẹ̀.

Káfíńtà: Mà, òkè ni irin báńkónì wà. Etí rẹ̀ tó yọ síta ni à á ti bẹ̀rẹ̀, ká máa bọ̀ wá síbi ògiri. Ti yàrá, láti àárín ni.

Olùkọ́ Àgbà: Káfíńtà, ẹ ti kọ “tì wọ́n padà” lókè. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé “tì” ni ọ̀rọ̀ náà.

Olùtumọ̀: “Àtì” ńkọ́, sà?

Olùkọ́ Àgbà: Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? “Ìgbéró” ni mo wí.

Káfíńtà: Lẹ́nu iṣẹ́, “igi” la ń pè é. Ẹ sáà pín ọjọ́ pátákó àti ọjọ́ igi níyà.